Ìjábọ̀ lórí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́

«Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ ìjábọ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í tètè dé ibi iṣẹ́ mọ́? Olùkọ́ wa ní ó gbọ́dọ̀ ní ìsọ̀rí.»

Lẹ́yìn orúkọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí, ọjọ́ àti àkọlé, ẹ kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ àti ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe ìwádìí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀rí tó kù ni máàkì pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì fún un ní òṣìṣẹ́ 20.

Ohun tí mo rí
Ìwé ìfọwọ́sí fi hàn pé ìgbà 14 ni àwọn òṣìṣẹ́ pẹ́ dé ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ó di ìgbà 41 ní oṣù karùn-ún, 29 nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Àwọn mọ́kànlá tí mo bi léèrè sọ pé abúlé ni àwọn ti ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kì í sì í tètè kún.

Ìparí èrò
Ọjọ́ Ajé ni ìṣòro náà wà, kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ìmọ̀ràn
Kí ọ̀gá sún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ Ajé láti aago méje sí aago mẹ́jọ fún oṣù kan, kí alábòójútó sì fi ìwé ìfọwọ́sí wo bóyá iye náà dín kù.

Ẹ má kọ «ọ̀lẹ ni wọ́n» sábẹ́ ohun tí ẹ rí, nítorí ìwé ìfọwọ́sí kò lè fi ìyẹn hàn (èmi náà ti pàdánù máàkì bẹ́ẹ̀ rí). Bí ìmọ̀ràn kan kò bá sì ní ohun tí ẹ rí tó gbé e dúró, ẹ yọ ọ́ kúrò.