Ọ̀rọ̀ mi ń wọṣọ lọ́wọ́

"Mo máa ń kólòlò. Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ mi sì ti sọ ọ́ di eré: bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ nípàdé, á máa sín mi jẹ. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní n kò gba àwàdà. Bí mo bá dákẹ́, á máa dùn mí títí n ó fi délé. Kí ni kí n máa dá a lóhùn?"

Akólòlò lèmi náà láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo ṣe tí kò dáa, torí òun ló là mí lójú.

Mo ń ka ìròyìn iṣẹ́ nípàdé lọ́jọ́ kan, ni ọ̀rọ̀ kan bá há mi lọ́fun. Ẹnì kan wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Ṣé ká lọ sùn ká tó padà wá ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde ni. Mo ní, "Lọ sùn, ṣebí kò sẹ́ni tó máa jí ẹ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn jáde geere, kò há rárá! Ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo èèyàn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bú mi o, ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó tú, èmi ni mo di ẹlẹ́bi, èmi náà ni mo sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wo ojú àwọn tó jókòó. Bí ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́ bá bá wọn rẹ́rìn-ín sí èsì mi, ó bọ́ sí i. Bí wọ́n bá dákẹ́ lọ gbáà, a jẹ́ pé mo ti gún un lọ́bẹ. Ilé ẹni, ọmọ ẹni, àìsàn àti àìlówó ẹni, n kì í dé ibẹ̀ mọ́.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ wá yí i lójú. Mò ń kólòlò lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ jiyàn sí? Nígbà tí ẹlòmíì pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Ó ti há o! Ẹ bá wa tì í!", mo mí síta, mo wò ó lójú, mo ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ń wọṣọ lọ́wọ́ ni, kì í jáde níhòòhò." Òun gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. N kò dúró gba ìyìn, mo ní, "Ẹ ṣí ojú ìwé kẹta," a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, òun náà á wá èsì, yóò wá di ìdíje.

Fún àwa akólòlò, èsì gígùn léwu, torí ó lè há láàárín. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kí ẹ sì fi ìró tó rọ̀ yín lẹ́nu bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Ẹ" kì í dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n "k" àti "p" máa ń tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Bí èsì náà bá tún há ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí: "Ọ̀rọ̀ mi ń wọ... wọ... wọ..." Nígbà tó jàjà jáde, mo ní, "Ẹ ò rí i, bọ́tìnnì ló kù." Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ pé ohùn yín ń lọ sókè, ẹ gbé àwàdà náà mì, torí èébú ló máa jáde.

Bí ọ̀gbẹ́ni yín bá tún ṣe é lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsí ẹ̀rín: "Mo mọ̀ pé eré lẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sín mi jẹ, wọn kì í gbọ́ ohun tí mo ń sọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ síbí." Bí kò bá gbọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kí ẹ kó o lọ bá ọ̀gá.

Ẹ má sì máa fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà kan, mo rò pé ọgbọ́n ni. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́, lọ́jọ́ kejì péré ló ti ń sín mi jẹ, nígbà tí mo sì bi í léèrè, ó yà á lẹ́nu: ó ní ṣebí èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.