Òṣùwọ̀n mẹ́ta dojú kọ ẹyọ kan: èwo la fi ń wé èwo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú iṣẹ́ àmúrelé wa, ilé iṣẹ́ kan ní ìnáwó àjùmọ̀lò 600,000. Lọ́nà àtijọ́, mo pín in sí wákàtí ẹ̀rọ 10,000, mo rí 60 fún wákàtí kan. Nígbà tí mo lo éébíìsíì, ìlànà tó ń pín ìnáwó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó fà á, mo rí 30 fún wákàtí ẹ̀rọ, 4,000 fún títún ẹ̀rọ tò lẹ́ẹ̀kan, àti 1,000 fún ríra ohun èlò lẹ́ẹ̀kan. Ọjà méjì ni wọ́n ń ṣe: gbogboogbò 9,000, wákàtí kan fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àkànṣe 500, wákàtí méjì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n fi wé 60? Ṣé éébíìsíì ló wọ́n jù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ìkankan wé e. Wákàtí ni 60 yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Iye ìgbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ tò ni 4,000 ń sọ. A kì í fi kìló wé mítà. Ibi tí ìlànà méjèèjì ti lè pàdé ni orí ẹyọ ọjà kan, nítorí náà ẹ gbé owó náà débẹ̀ ná.

Ti àtijọ́ kò gba àkókò. Ẹyọ gbogboogbò jẹ 60, ẹyọ àkànṣe jẹ 120, torí pé wákàtí méjì ló ń lò.

Ní ti éébíìsíì, ẹ wo iye ìgbà tí ọjà kọ̀ọ̀kan fa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò sọ ọ́ nínú ìbéèrè yín, nítorí náà kí a ní nínú ìgbà 50 tí wọ́n tún ẹ̀rọ tò, 10 péré ni ti gbogboogbò, 40 ni ti àkànṣe. Kí a tún ní ìgbà 100 tí wọ́n ra ohun èlò pín sí méjì dọ́gba, 50 sí 50. Gbogboogbò á wá gbé 270,000 fún wákàtí ẹ̀rọ, 40,000 fún títún ẹ̀rọ tò àti 50,000 fún ohun èlò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360,000. Ẹ pín in sí 9,000, ẹyọ kan jẹ 40. Àkànṣe á gbé 30,000, 160,000 àti 50,000, tí í ṣe 240,000. Ẹ pín in sí 500, ẹyọ kan jẹ 480.

Láti 120 sí 480! Ẹ dúró wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún ẹ̀rọ tò nígbà 10 fún gbogboogbò, ẹyọ 900 sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. 4,000 yẹn tàn ká orí wọn títí kò fi ju nǹkan bíi 4.44 lọ fún ẹyọ kan. Ti àkànṣe, ìpíndọ́gba ẹyọ 12.5 péré ló ń jáde kí wọ́n tó tún tú ẹ̀rọ palẹ̀. Iye kan náà, 4,000, wá di 320 lórí ẹyọ kan. Wákàtí ẹ̀rọ kò lè rí èyí rárá, torí ìdá mẹ́wàá wákàtí ni àkànṣe lò, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún títún ẹ̀rọ tò ni tirẹ̀. Ká ní ìdá mẹ́wàá ló lò nínú gbogbo iṣẹ́, ìlànà méjèèjì ì bá bá ara wọn mu pátápátá.

Èyí ló sì dáhùn ìbéèrè yín kejì: éébíìsíì kò fi kọ́bọ̀ kan kún ìnáwó. Ẹ fi 360,000 kún 240,000, ẹ ó padà sí 600,000. Bí kò bá padà síbẹ̀, àṣìṣe wà níbì kan. Èyí tí mo máa ń bá jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n á fi 4,000 ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ẹyọ 500 dípò ìgbà 40. 2,000,000 tí wọ́n bá rí ju gbogbo ìnáwó ilé iṣẹ́ náà lọ, àmọ́ wọn kì í wẹ̀yìn wò ó.

Ibì kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ sọ iye tí ilé iṣẹ́ yóò gbà sílẹ̀ bí ó bá jáwọ́ nínú ọjà àkànṣe, ẹ má yára kọ 240,000. Owó oṣù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ tò lè wà síbẹ̀ bí iṣẹ́ wọn tilẹ̀ dín kù, àfi bí wọ́n bá gbé wọn lọ síbòmíràn tàbí tí wọ́n dá wọn dúró.