Ẹ má pa láìnì àtijọ́ yẹn o: ìdí tí nọ́ńbà fi ń há lọ́nà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹfà rèé tí mo ti ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn bá mi gbé nọ́ńbà mi wá sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fún mi ní síìmù tuntun, wọ́n ní kí n máa retí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ mi ní kí n lọ pa láìnì àtijọ́ kí nọ́ńbà lè tètè kọjá. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Nọ́ńbà yìí ni báńkì fi mọ̀ mí.

Ìdáhùn: Ẹ má pa á rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí síìmù àtijọ́ wà nínú fóònù, kí ó máa pè, kí ó sì máa gba ìpè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, láìnì tó wà láàyè nìkan ni wọ́n lè gbé. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pa á, nọ́ńbà náà á padà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn tó bá ti pa láìnì kí wọ́n tó wá bá wa ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń le jù. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, ilé-iṣẹ́ náà ṣì lè jí i dìde. Bó bá pẹ́, ọwọ́ ò tó o mọ́.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó fún yín ní síìmù ò ṣàlàyé. Ẹ rò pé nọ́ńbà yín wà lójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́fà. Kò kúrò nílé rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun béèrè fún un, ti àtijọ́ kọ̀. Wọ́n tún béèrè, wọ́n tún kọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìkọ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan má gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọjọ́ tó kù jẹ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ló máa ń kọ ìwé ìbéèrè, àmọ́ kò lágbára láti fa nọ́ńbà yín wá. Ó máa kọ nọ́ńbà náà, orúkọ yín, àti àmì tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín: ó lè jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì, ó lè jẹ́ kóòdù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé yìí máa gba ọ̀dọ̀ alárinà kan tó wà láàárín gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń fi ohun tó wà nínú ìwé wé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ tiwọn. Bí méjèèjì bá bára mu, ó gbà. Bí wọn ò bá bára mu, ó dá a padà pẹ̀lú ìdí kan tí wọ́n fi kóòdù kúkúrú kọ.

Kóòdù yẹn lẹ nílò. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì lè máa wo ojú kọ̀ǹpútà kó má rí ju pé “kò ṣeé ṣe” lọ, kó sì kàn tẹ ìwé kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn. Ìwé kan náà, sí àkọsílẹ̀ kan náà: èsì kan náà ló máa mú wá, ì báà jẹ́ ìgbà ogún. Ẹ padà lọ bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kọ sílẹ̀ gan-an. Bí ẹni tó wà níwájú ò bá lè rí i, kó pe ẹ̀ka tó ń bójú tó gbígbé nọ́ńbà ní ilé-iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní i lọ́wọ́.

Ní ìrírí tèmi, ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé orúkọ tàbí àlàyé onínọ́ńbà ò bára mu. Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì bá èyí tí a tẹ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Inú bí i. Mo bi í léèrè ta ló ra síìmù náà níbẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rà á fún mi nígbà tí mo wà nílé-ìwé.” Mo ní kó gba ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lọ. Wọn ò ní ka àkọsílẹ̀ síta fún un, nítorí ààbò. Òun ló máa sọ ohun tó gbà pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó sọ tirẹ̀, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ìdí ọ̀rọ̀ wò, láìnì náà ti wà lórúkọ rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ìdílé, ó sì ti fi oṣù ìbí sí ipò ọjọ́.

Wọ́n tún un ṣe lójú rẹ̀. Ó sáré padà wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ní kó lọ sùn ná. Àtúnṣe tó wà lójú kọ̀ǹpútà akọ̀wé lè má tíì dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìbéèrè wò; ní ilé-iṣẹ́ kan ó máa di òru kó tó débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tẹ ìwé kẹrin ránṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbà.

Àwọn kan máa ń dá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìbéèrè ní ìkọkúkọ kó lè bá àkọsílẹ̀ tó ní àṣìṣe mu. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí àṣìṣe náà á tẹ̀lé yín dé ilé tuntun, ọjọ́ tí síìmù bá sọ nù lẹ máa rí i pé ìwé ìdánimọ̀ yín ò bá láìnì yín mu.

Bí kò bá jẹ́ ti orúkọ, ó lè jẹ́ gbèsè tàbí àdéhùn oṣooṣù tí kò tíì parí. Ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ló ni láìnì náà lórí ìwé. Nígbà náà, àwọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó tún lè jẹ́ pé láìnì náà ṣì tuntun, tàbí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ síìmù. Ní Íńdíà, bí àpẹẹrẹ, láti oṣù keje ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ síìmù gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 7 kó tó lè gba kóòdù tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà. Olè ló fa irú òfin yìí: wọ́n á gba síìmù lórúkọ ẹni, wọ́n á gbé nọ́ńbà náà sá lọ, wọ́n á sì máa gba kóòdù báńkì rẹ̀. Nítorí èyí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe ní àgádágodo tí ẹ lè fi sórí nọ́ńbà yín. Bí ẹ bá ti fi í síbẹ̀ nígbà kan rí tí ẹ gbàgbé, òun náà tó láti dá ìwé padà.

Kóòdù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ bá fún yín láti fi gbé nọ́ńbà máa ń kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi `PAC` ránṣẹ́ sí `65075`, kóòdù tí wọ́n bá fún yín á wà fún ọjọ́ 30. Ní Íńdíà, ọjọ́ 4 ni ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó gba kóòdù lọ́jọ́ Ajé tó dé ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ti gba iṣẹ́ méjì fún ara rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí tiyín ní kí ẹ tó gbà á. Ẹ má sì sọ kóòdù náà fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ká wá sọ pé wọ́n ti gbà. Ẹ óò mọ̀ lójú síìmù àtijọ́: àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, ojú fóònù á kọ `No Service` tàbí `Emergency calls only`. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi síìmù tuntun sí i, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ tún tàn án. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ lo owó ìpè àti dátà tó kù lórí láìnì àtijọ́ tán, torí wọn kì í sábà bá nọ́ńbà kọjá. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn tó bá wà lórí síìmù, ẹ dà á sínú fóònù.

Ibi tó máa ń dẹ́rù bani nìyí: ẹ óò lè pe ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn kan ò ní lè pè yín. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbé báyìí. Ìròyìn pé tiyín ti kó lọ ti jáde, àmọ́ àwọn kan tètè kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn kan ń lọ́ra. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣì ń kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì máa ń ṣe é ju ìpè lọ, nítorí báńkì kì í sábà fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Alágbàṣe kan ló ń bá a fi ránṣẹ́, alágbàṣe náà sì lè máa wo ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà yín nìkan kó sì rò pé ilé àtijọ́ lẹ ṣì wà. Nítorí náà, iṣẹ́ báńkì tó bá ṣe pàtàkì, ẹ parí rẹ̀ ṣáájú, ẹ má sì gbé nọ́ńbà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó ńlá.

Ẹ wá ní kí ènìyàn mẹ́ta láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta pè yín, kí wọ́n sì tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ẹni kan nínú wọn ò bá tíì lè rí yín lẹ́yìn wákàtí 24, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn, kì í ṣe ti àtijọ́. Àwọn yẹn á ní ẹ kì í ṣe oníbàárà àwọn mọ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ẹ sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹni náà ń lò àti àkókò tó pè gan-an. “Àwọn èèyàn ò lè pè mí” ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àmọ́ “ẹni báyìí pè láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀” lè di àtúnṣe lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì nìkan ni kò wọlé, báńkì ni kí ẹ pè, kí wọ́n rán alágbàṣe wọn létí pé nọ́ńbà yín ti kó lọ.

Ti WhatsApp ńkọ́? Nọ́ńbà kò yí padà, ẹ má tẹ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ nọ́ńbà rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní báyìí, síìmù tuntun ṣì lè wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ gba kóòdù ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn ní àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ àtijọ́, kí ẹ sì bi wọ́n pé lórúkọ ta ni láìnì náà wà.