Pílọ́ọ̀tì kan gbáko tí kò pé, bohóòlù tó jẹ́ kànga

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra ilé kan lẹ́yìn Tanke, ní Ìlọrin. Ajẹ́ńtì ní pílọ́ọ̀tì kan gbáko ni, ó tún ní bohóòlù wà níbẹ̀. Ní báyìí, ilẹ̀ ò jọ pílọ́ọ̀tì kan lójú mi, wọ́n sì ń sọ ládùúgbò pé kànga ni mo ń fà omi nínú ẹ̀. Ajẹ́ńtì ní ṣebí mo wo ilé kí n tó sanwó. Ṣé mo lè gba owó padà? Ta ni kí n kọ̀wé sí?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú ẹ̀ ṣe mí ní 2021, ní Òkè-Odò, àfi bíi pé ẹnu kan náà ló bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, mílíọ̀nù 11 náírà ni mo rà á. Mo gba nǹkan padà, àmọ́ kò tó ohun tí ǹ bá gbà ká ní mo mọ̀wọ̀n ara mi níbẹ̀rẹ̀.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ pa. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ afẹ́fẹ́ dípò omi nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo pe ajẹ́ńtì, mo sọ̀rọ̀ sí i títí ẹnu fi ro mí. Ó ń dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, "Ẹ má bínú, mọ̀mí, ẹ jẹ́ n bá onílé sọ̀rọ̀." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti yọ ìpolówó ilé yẹn kúrò lórí Fesibúùkù ẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé ọkọ mi kì í pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù. Àwòrán ìpolówó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohùn ajẹ́ńtì náà wà lórí Wọ́sáàpù, níbi tó ti ń sọ pé, "Pílọ́ọ̀tì kan gbáko, 50 sí 100, bohóòlù tí kì í gbẹ." Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kó gbogbo ohun tó sọ kí ẹ tó sanwó jọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Ohun tó sọ lẹ́yìn tí owó ti wọlé kò wúlò púpọ̀, torí kì í ṣe òun ló mú yín ra ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ilẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n o. Pílọ́ọ̀tì kan tí a mọ̀ ní Ìlọrin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn. Tiwa pé 50 níwájú, àmọ́ nígbà tí a fa téèpù lọ sẹ́yìn, 84 ló bá fẹ́ǹsì. Mo ti ń múra àtibá aládùúgbò ẹ̀yìn jà, mo rò pé òun ló jẹ ẹsẹ̀ bàtà 16 náà. Sọ̀féyọ̀ tí mo mú wá ló gbà mí. Ó wá àwọn òkúta bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi sàmì sí igun ilẹ̀, ó fi ọ̀bẹ họ erùpẹ̀ kúrò lára èyí tó wà lẹ́yìn títí nọ́ńbà ara ẹ̀ fi hàn, ó fi wé ti inú ìwé sọ́fè, ó bá a mu. Aládùúgbò ò jẹ nǹkan kan. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí láti ìpìlẹ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí bíkìn yín bá wà nínú ọgbà ẹlòmíì, aládùúgbò ló ń jẹ ilẹ̀ yín, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ìyẹn. Bí bíkìn bá wà níbi tí fẹ́ǹsì wà, tí ilẹ̀ kàn kéré sí ohun tí wọ́n pè é, ìgbà yẹn ni ẹ lè bá ajẹ́ńtì àti ẹni tó tà á wí pé wọ́n purọ́ fún yín.

Sọ̀féyọ̀ náà wá fi ìka tọ́ igun ìsàlẹ̀ ìwé sọ́fè hàn mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: mítà onígun mẹ́rin 390. Pílọ́ọ̀tì 50 sí 100 máa ń lé ní 464. Ìwé yẹn wà lára àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, n kò kà á rí. Ojú tì mí. Lọ́yà mi ní kò pa ẹjọ́ mi, torí ẹni tó purọ́ fún èèyàn kò lè máa sọ pé ká ní o wádìí mi dáadáa ni, o ò bá ti mú mi, bí irọ́ náà bá jẹ́ ohun tí onítọ̀hún gbára lé lóòótọ́. Àmọ́ ó ní bí n kò ṣe kà á máa gé owó tí mo máa gbà. Ìdáhùn ọ̀rọ̀ "ṣebí ẹ wo ilé" tí ajẹ́ńtì yín ń sọ náà nìyẹn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn máa lágbára ni bí ẹ bá mú sọ̀féyọ̀ tiyín lọ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á, torí ìgbà yẹn, sọ̀féyọ̀ yín lẹ gbára lé, kì í ṣe òun. Ẹ tún wo inú àdéhùn bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ìwọ̀n náà lè dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè bò, kò lè bo 16.

Ní ti omi, ẹ ṣí i wò. Tiwa, wọ́n da kọnkéré pẹlẹbẹ lé e, páìpù kan yọ láàárín ẹ̀, wọ́n kun ún ní búlúù. Ó wuni. Mo ní kí bíríkìlà gbé e. Rìngì kọnkéré ló wà lábẹ́ ẹ̀, àlàfo tí àgbàlagbà lè wọ̀ dáadáa. Bohóòlù kò ṣe é wọ̀. Páìpù rọ́bà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ní fífẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sísàlẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 31, omi inú ẹ̀ kò kọjá orúnkún. Àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin wa yìí (ìlú tó jẹ́ pé ara òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin ló ti gba orúkọ), ibi tí agbẹ́kànga bá ti bá àpáta ló máa ń dúró. Omi orí àpáta yẹn nìkan ló ń rí. Bí òjò bá ti jìnnà, ó parí.

Obìnrin tó ń ta omi ní ìkóríta wa ló là mí lójú jù. Ó ní àwọn ayálégbé tó wà nílé yẹn kó tó di tèmi ń ra omi lọ́wọ́ òun lọ́dọọdún, àti pé ajẹ́ńtì yìí gan-an ló ń wá gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ó mọ̀, àbí kò mọ̀? Nígbà tí lọ́yà gbọ́, ó jókòó dáadáa. Ó ní bí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ láìmọ̀, tí wọ́n sì ti fa ilé lé oníbàárà lọ́wọ́, àtitú ọjà ká máa ń nira. Bí a bá fi hàn pé ó mọ̀, ẹ̀tàn nìyẹn, ó sì ní ohun tí ilé ẹjọ́ lè ṣe sí i. Àmọ́ èmi ti kun ilé, mo ti yí ilẹ̀kùn padà, mo ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀. Ó ní kí n gbàgbé àtidá ilé padà, kí n máa lé owó. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ dá a padà, ẹ má kan ìṣó kan mọ́ ibẹ̀ mọ́.

Lẹ́tà wa, ẹni tó ta ilé la kọ ọ́ sí, a fún ajẹ́ńtì ní ẹ̀dà. Ọ̀dọ̀ onílé ni owó lọ, ajẹ́ńtì sì ni ẹnu ẹ̀. A kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ sí ajẹ́ńtì nítorí kọmíṣàn tó gbà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé kan péré ni. Ọjọ́ tí mo sanwó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́, ohun tí téèpù àti okùn sọ, iye tí mo ń bèèrè, àti ọjọ́ 14 láti dáhùn. Èébú kankan kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ló mú un lọ, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa kó tó padà.

Iye tí mo bèèrè ni mo kọ́kọ́ ṣì. Mo ní 16 nínú 100 ilẹ̀ kò sí, torí náà kí wọ́n yọ 16 nínú 100 kúrò nínú mílíọ̀nù 11, ìyẹn mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 760. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé yàrá ló dín ni? Ilé pé, ilẹ̀ ni kò pé. Pílọ́ọ̀tì kan ládùúgbò wa nígbà náà jẹ́ mílíọ̀nù 3, 16 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ 480,000. A gba iye lọ́wọ́ àwọn agbẹ́bohóòlù méjì, èyí tó kéré jẹ́ 650,000. A pa méjèèjì pọ̀, ó di 1,130,000. Lẹ́tà tó ní irú ìṣirò yẹn nínú kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iye tí nǹkan jẹ́ nígbà tí ẹ rà á ni kí ẹ lò o, kì í ṣe iye òní.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni onílé ránṣẹ́. A jókòó ní pálọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, alága àwọn onílé àdúgbò wà níbẹ̀. Alhaji tó ta ilé fún wa jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò sọ bohóòlù fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì kọjú sí ajẹ́ńtì. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ohùn yẹn jáde lórí fóònù. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Alhaji mú ìwé sọ́fè jáde, ó ní ṣebí 390 nìyí, àwa náà sì dákẹ́.

Ibi tí a parí ẹ̀ sí ni pé Alhaji san 700,000, ajẹ́ńtì sì dá ìdajì kọmíṣàn padà, 275,000 nínú 550,000. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, a kò sì fọwọ́ sí i títí owó fi wọlé. Bí ajẹ́ńtì tiyín bá kọ̀, ẹ wádìí bóyá orúkọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹsitéètì sọ̀féyọ̀ sílẹ̀, torí ẹ lè fẹjọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ sùn wọ́n. Orúkọ ajẹ́ńtì tèmi kò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀dù nìkan ló ní.

Ẹ fa téèpù yẹn ní àárọ̀ ọ̀la kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì ka igun ìsàlẹ̀ ìwé sọ́fè yín lálẹ́ yìí. Iye tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ sọ fún mi, ká lè mọ èyí tí ẹ máa bèèrè.