Ìwé àṣírí: kíláòdù ni àbí orí fóònù?

"Ẹ̀yin ará, inú áàpù kan náà ni mo ń kọ àfojúsùn mi àti ohun tó ń lọ lọ́kàn mi sí lálaalẹ́. Ṣé kí n gbé gbogbo ẹ̀ sórí kíláòdù ni àbí kó má kúrò lórí fóònù?"

Ẹ má kó wọn pọ̀ o. Àfojúsùn tèmi, iye tí mo fẹ́ fi pamọ́ lóṣù, ìwé tí mo fẹ́ kà, orí kíláòdù ló wà, ẹni tó bá fẹ́ kó kà á, kò sí nǹkan ìtìjú níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó máa rán mi létí níbikíbi. Àmọ́ èyí tí mo kọ nípa ìjà èmi àtìyàwó mi, ìyẹn ò lè lọ báyẹn láìtì í pa.

Kì í ṣe olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń bà mí lẹ́rù. Àna mi ló ka tèmi! Àkáǹtì mi ló wà lórí tábílẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ fi ń wo kátúùnù, bí mo ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù ló ń yọ síbẹ̀. Ẹ yẹ gbogbo ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú àkáǹtì yín wò, ẹ yọ èyí tí kò bá yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo wá kó gbogbo ẹ̀ sórí fóònù nìkan, àfi bí wọ́n ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ mi l'Ójúẹlẹ́gba, ohun tí mo ti kọ látọjọ́ yẹn bá a lọ pátá.

Áàpù ìkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Joplin ni mo wá ń lò báyìí. Ó lè ti ìwé yín pa lórí ẹ̀rọ yín kó tó gbé e lọ sí kíláòdù, àmọ́ kò ní ṣe é fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí `Tools > Options > Encryption`, ẹ tẹ `Enable encryption`, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbé gbogbo ẹ̀ lọ tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì kan nínú fólídà ẹ̀ lórí kíláòdù. Tẹ́ ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀, kò tíì tì í nìyẹn. Èyí tó ti tì máa rí rúdurùdu, ẹ ó sì rí ìlà yìí:

```
encryption_applied: 1
```

Ọjọ́ àti àkókò tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ṣì máa hàn o, èyí ò dí mi lọ́wọ́.

Ohun tó ń lọ sí kíláòdù nìkan ló ń tì. Lórí kọ̀ǹpútà yín gan-an, gbayawu ló wà, ẹni tó bá ti lè ṣí kọ̀ǹpútà náà lè kà á, torí náà páásìwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ṣe kókó. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù Joplin fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ lè pè, torí kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ wọn. Tèmi, mo kọ ọ́ sórí bébà, ó wà láàárín ìwé ilẹ̀ nílé ìyá mi, màmá ò sì mọ ohun tó wà fún.