Kẹ́ ẹ tó lọ wo mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín

“Ẹ̀yin ará, mo rí Kòrólà tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan n'Íbàdàn, Èkó ni mo wà. Kí ni kí n bi í kí n tó lọ?”

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀. Tó bá ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n náà bá yín sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ránṣẹ́, pẹ̀lú ti orí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ kà á dé ìkẹwàá. Fún tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ló ń sọ ọdún mọ́tò: 8 ni 2008, A ni 2010. Tó bá pè é ní 2010, tẹ́ ẹ wá rí 8, ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ Ìbàdàn.

Ẹ bi í bóyá wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì tàbí jíà rẹ̀ rí.

Èyí tí mi ò lè fi ṣeré rárá: ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tan mọ́tò náà títí ẹ ó fi dé. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì lè tú èéfín aláwọ̀ búlúù nígbà tó bá tutù, kí èéfín náà sì dáwọ́ dúró tó bá ti gbóná. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó tàn án. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í pé kí ló dé.