Báàgì Yẹn Á Pẹ́ Tó Wákàtí Mélòó?

"Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí wọ́n bá bi mí ní ìṣirò oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ tí ìwọ̀n ara aláìsàn, yíyí mg sí mcg àti iye ìkán dírípù bá pàdé nínú ìbéèrè kan ṣoṣo, orí mi á dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n ṣe ìdánwò. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, ní Ìkòròdú."

Àbúrò mi, Ìkòròdú níbẹ̀ lèmi náà ti kọ́ ọ, kì í sì í ṣe inú ìwé. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni, pẹ̀lú ìtìjú. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbéèrè kan, ká ṣe é dé òpin.

Aláìsàn kan wọn 110 pọ́ùn. Bíípì rẹ̀ ti já wálẹ̀, dókítà sì ní kó máa gba dopamíìnì, 5 mcg/kg/min. 200 mg ló wà nínú báàgì dẹ́kísítírósì 500 ml. Ìkán mélòó ni wàá jẹ́ kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan?

Má tíì sáré wá fọ́múlà. Ara aláìsàn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó o lọ sídìí báàgì, kó o tó wá dé ibi tí omi ti ń kán. Bó o bá ti da ọ̀nà yìí rú, o ti ṣìnà nìyẹn.

Ara aláìsàn: pọ́ùn 2.2 ló wà nínú kílò kan, torí náà pín 110 sí 2.2, ó di 50 kg. Mo mọ ẹni tó sọ ọ́ di púpọ̀ dípò kó pín in, tó sì kọ 242 kg sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹni tó wọn 242 kílò, ta ló bá a gbé e dé wọ́ọ̀dù? Kílò kọ̀ọ̀kan fẹ́ 5 mcg, nítorí náà gbogbo ara fẹ́ 250 mcg ní ìṣẹ́jú kan. Sọ ọ́ di ti wákàtí: 250 lọ́nà 60, ó di 15,000 mcg. Ẹgbẹ̀rún kan mcg ni mg kan, nítorí náà 15 mg ni ara rẹ̀ ń fẹ́ ní wákàtí kan.

Báàgì: 200 mg nínú 500 ml, ìyẹn 0.4 mg nínú ml kọ̀ọ̀kan. Ó ku kó o mọ iye ml tí 15 mg yẹn máa wà nínú rẹ̀: 15 pín sí 0.4, ó di 37.5 ml ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ti oògùn náà (irú oògùn yìí, ẹ̀rọ ló yẹ kó máa tì í), 37.5 lo máa tẹ̀ sí i, iṣẹ́ parí.

Kó o tó tẹ̀ síwájú, bi ara rẹ ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní kíláàsì: báàgì yìí á pẹ́ tó wákàtí mélòó? 500 pín sí 37.5, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 13. Ó bá ojú mu. Wá wo ohun tí àṣìṣe máa fi hàn ọ́. Ká ní o gbàgbé láti fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rò pé 0.25 mg ló ń fẹ́ ní wákàtí, ìyẹn 0.625 ml. Báàgì yẹn máa lo wákàtí 800, ó ju oṣù kan lọ! Ká tún ní o ka mcg sí mg. Aláìsàn máa fẹ́ 250 mg ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tó jẹ́ pé 200 mg péré ló wà nínú báàgì látòkè délẹ̀. Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ló ń kígbe. Àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kì í fara pa mọ́ tó o bá wo báàgì.

Èyí tó ń fara pa mọ́ ló mú mi.

Lọ́jọ́ ìtìjú tí mo sọ yẹn, aláìsàn inú ìbéèrè yìí gan-an ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ ò sí, dírípù lásán la fẹ́ lò. Mo ti ṣírò 37.5 ml tán, inú mi dùn. Mo rántí pé wọ́n kọ́ wa pé ìkán ní ìṣẹ́jú kan àti ml ní wákàtí kan, iye kan náà ni wọ́n. Mo ṣí i, mo ń ka 37, 38. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ olórí wa ní wọ́ọ̀dù kọjá, wọ́n dúró, wọn ò wo ìwé mi rárá, wọ́n mú ọ̀rá tí mo ti já sọ nù. "Sẹ́ẹ̀tì wo lo fi sí i?" Mo wo ọ̀rá náà: 20.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa yẹn, sẹ́ẹ̀tì tó ń pín ml kan sí ìkán 60 nìkan ló bá mu, irú èyí tó wà lára sólúsẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé. Ti àgbàlagbà tó wà lọ́wọ́ mi, ìkán 20 ló ń di ml kan. Ó dà bíi dẹ́rikà àti kóńgò ní ọjà Ṣàbó: o ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n wọn gààrí láìbéèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú 37.5 tí mo ń kà, 112.5 ml ló ń wọlé ní wákàtí, aláìsàn sì ń gba 15 mcg/kg/min dípò 5. Ìlọ́po mẹ́ta. Dopamíìnì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọkàn máa sáré, kí lílù rẹ̀ sì dàrú. Wọ́n dín in kù lójú ẹsẹ̀, a dúró tì í, a ń wọn bíípì, a ń ka ìlùkìkì ọkàn, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ṣé o rí i pé báàgì tó máa tán ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu? Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè báàgì nìkan kò fi tó níbi tí a ti ń ka ìkán. Iye tó wà lára ọ̀rá sẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé rẹ kó o tó ṣí i.

```
ìkán/min = (ml/h × ìkán inú ml kan) ÷ 60
37.5 × 20 ÷ 60 = 12.5
```

Ìdajì ìkán ò sí. Máa ka 25 ní ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Tí wọ́n bá fẹ́ odidi nọ́ńbà nínú ìdánwò, 13 ni wọ́n sábà máa ń gbà, torí bí a ṣe ń sún 12.5 sókè nìyẹn.

Kí n tún sọ èyí: kọ "mcg", má kọ àmì μg. Ọwọ́ kíkọ dókítà tó ń kánjú lè sọ μ di m, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn.

Gbìyànjú èyí lálẹ́ òní: 132 pọ́ùn, 8 mcg/kg/min, 400 mg nínú 500 ml, sẹ́ẹ̀tì ìkán 20. Tí o kò bá rí ìkán 12, àti báàgì tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 14, kọ gbogbo ìlà ìṣirò rẹ síbí, pẹ̀lú mg tàbí mcg lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, màá bá ọ wá ibi tó ti yẹ̀.